Fọ́tò Tí Kò Ní Ọ̀rọ̀ Lábẹ́

Fọ́tò náà wọlé ní alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí obìnrin náà ń fọ àwo lọ́wọ́ nínú ilé rẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ láti Ìlá-Ọ̀ràngún, sórí Wáàsáàpù tí gbogbo ẹbí jọ wà. Màámi Ìlá ni àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ń pe ìyá yìí. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ ń fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè é, ìyá lágbájá, bí a ti ń pe abiyamọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ fọ́tò náà. Kò sí "ẹ wò ó," kò sí "ẹ bá wa dúpẹ́," kò sí ọjọ́, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni.

Férémù àtijọ́ kan ni, tí ẹnì kan fi fóònù yà lára ògiri. Iná fóònù ti tàn sórí gíláàsì rẹ̀, ó sì bo igun kan. Fọ́tò mẹ́ta ló wà nínú férémù náà, dúdú àti funfun ni gbogbo wọn. Lókè, ọkùnrin kan àti obìnrin kan jókòó, ọwọ́ wọn wà lórí orúnkún, aṣọ wọn tẹ́ rẹrẹ, wọn kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú kọ́tìnnì. Nísàlẹ̀, ọmọbìnrin kékeré méjì jókòó, oníkálukú lórí àga tirẹ̀, wọ́n wọ aṣọ kan náà, wọ́n sì ń wo ẹni tó ń ya fọ́tò bí ìgbà tí wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú.

Kí wákàtí kan tó pé, ìdáhùn mẹ́ta ti dé. Ẹ̀gbọ́n kan kọ ọ́ láti Manṣẹ́sítà pé, "Ta ló kú?" Òmíràn ní, "Ìnáwó ti dé nìyẹn. Aṣọ wo la ń rà?" Ẹ̀kẹta wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ àbúrò bàbá mìíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní Tẹ́sáàsì, tó sì fẹ́ràn ẹbí rẹ̀ dọ́ba: "Àwọn ìbejì yìí mà rẹwà o! Èwo ni Táíwò, èwo ni Kẹ́hìndé? Níbo ni wọ́n wà báyìí?" Lẹ́yìn èyí, àwọn méjì tàbí mẹ́ta fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ tó pàdé ránṣẹ́, àwòrán kékeré tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá àdúrà ni tàbí ọpẹ́. Màámi Ìlá ka gbogbo rẹ̀.  Kò dá ẹnì kankan lóhùn.

Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó sì kọ ọ́ pé, "Màámi, ẹ kú oríire!" Ó wo ohun tó kọ. Ó pa á rẹ́.

Oríire wo? Ohun tó dá a dúró nìyẹn. "Ẹ kú" kì í dá dúró lásán, ohun kan ló ń tẹ̀ lé e, nǹkan náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ilé tí ọmọ tuntun wà ló ni "ẹ kú ọwọ́ lómi," ìyá tó bí i ló ni "ẹ kú ewu ọmọ." Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá rẹ̀ àgbà ló ni "ẹ kú àṣẹ̀yìndè," ẹni tí ọ̀fọ̀ òjijì ṣẹ̀ ló ni "ẹ kú ará fẹ́ra kù." Àwọn tó fi ìwé kọ́ Yorùbá, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórìṣà tó wà lókè òkun ti ṣe, mọ̀ bí inú ṣe máa ń dùn tí èèyàn bá kọ́kọ́ há àwọn ìkíni wọ̀nyí sórí. Ó máa ń dà bíi pé ahọ́n ń yún ẹni láti lò wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣe é sọ síbi tí a kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí a bá kí ọlọ́fọ̀ kú oríire, bó ti wù kí ohùn wa dùn tó, ìbínú tàbí ẹkún ni yóò tẹ̀ lé e. Kódà "ẹ kú ìnáwó," tó ṣe é sọ níbi ìgbéyàwó àti níbi òkú àgbà, ń béèrè pé kí ìnáwó kan wà.

Ojú àwọn tó wà nínú fọ́tò kò sì lè ranni lọ́wọ́. Ní àkókò tí wọ́n ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í rẹ́rìn-ín sí fọ́tò. A jókòó tààrà, a kọjú sí ẹni tó ń yà á, a na aṣọ kí gbogbo iṣẹ́ ara rẹ̀ lè hàn, a gbé ọwọ́ lé itan tàbí orúnkún, a sì farabalẹ̀. Ìfarabalẹ̀ yẹn kò sọ bóyá ọjọ́ ayọ̀ ni tàbí ọjọ́ mìíràn, nítorí ipò ẹni náà láwùjọ ni fọ́tò fẹ́ fi hàn, kì í ṣe bí inú rẹ̀ ti rí ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Fọ́tò kan náà tí bàbá kan yà nítorí pé ó ra aṣọ tuntun ni wọ́n lè wá gbé síwájú ilé lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀ ní ogún ọdún lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n ti Manṣẹ́sítà fi béèrè ẹni tó kú. Kò burú ní ríronú. Ó kàn yá jù láti kọ sílẹ̀ ni.

Obìnrin náà wá bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó mọ̀ dájú. Kò pọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú. Màámi Ìlá wà nílé, ara rẹ̀ sì yá débi tó lè fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Àwọn tó wà nínú férémù jókòó, àwọn kan dúró. Ẹnì kan sì ti tọ́jú férémù náà láti ọjọ́ yìí wá, tí ikán kò jẹ ẹ́, tí òjò kò bà á jẹ́. Márùn-ún péré. Ṣùgbọ́n ìkíni wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Kó tó kọ nǹkan mìíràn, ó fi ìka fa fọ́tò àwọn ọmọbìnrin náà tóbi, nítorí pé ohun kan ń yọ ọ́ lẹ́nu lára wọn. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tó wà lápá òsì ti wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan, ó kó jọ sí ọrùn ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kejì náà ti wálẹ̀, ní ẹsẹ̀ kan náà, ó sì kó jọ bákan náà. Ó wo ọrùn aṣọ wọn. Ìgbátí aṣọ ti ọ̀kan yí sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ti èkejì yí sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ìka ọwọ́ wọn, bí ọ̀kan ti ṣẹ́ lórí itan ni èkejì ṣe ṣẹ́. Àní kọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn wọn, ibi tó ti ká lẹ́yìn orí ọmọ àkọ́kọ́ ló ti ká lẹ́yìn orí ọmọ kejì. Láàárín àwọn méjèèjì, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó dúdú ju ibi tó kù lọ. Èèyàn lè rò pé ibi tí wọ́n ti ká fọ́tò náà rí ni.

Ìbejì lè jọra, ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ méjì kì í wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan náà lọ́nà kan náà. Obìnrin náà ti kà nípa irú fọ́tò báyìí. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ayafọ́tò, ṣe ìwádìí lórí bí Yorùbá ṣe ń ya ara wọn ní fọ́tò, Ìlá-Ọ̀ràngún gan-an sì wà lára ibi tó ti ṣe é. Ní ọdún 1978 ló tẹ ohun tó rí jáde. Lára rẹ̀ ni pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, òbí lè mú èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò, onífọ́tò yóò sì sọ ọ́ di méjì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ tirẹ̀, lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ èyí tó lọ. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ bákan náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti yé ni, bó tilẹ̀ gba ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Ọmọ yóò jókòó sí apá kan, apá kejì yóò ṣófo. Nígbà tí onífọ́tò bá wọ inú yàrá òkùnkùn láti tẹ fọ́tò, yóò fi páálí bo ìdajì bébà, yóò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ara fíìmù bọ́ sórí ìdajì tó ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò bo ìdajì tó ti gba ìmọ́lẹ̀, yóò ṣí èkejì, yóò sún bébà náà kí ọmọ kan náà lè bọ́ síbẹ̀. Ìgbà tó bá fọ bébà náà nínú oògùn ni ọmọ méjì yóò yọ. Ibi tí wàhálà wà ni àárín. Bí páálí bá yẹ̀ díẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi kan àárín bébà lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ yóò dúdú. Bí ó bá bo àárín lẹ́ẹ̀mejì, ìlà funfun ni yóò kù. Onífọ́tò tó mọṣẹ́ dáadáa lè mú kí ìlà náà bọ́ sí ibi tí kọ́tìnnì ti ká, kí ojú má tètè rí i. Ti inú férémù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síbẹ̀.

Nínú ilé tí wọ́n ti ń gbẹ́ ère ìbejì, ère ni wọ́n ń wẹ̀, òun ni wọ́n ń wọ̀ láṣọ, òun ni wọ́n ń fún lóúnjẹ. Nínú ilé tí ẹ̀sìn mìíràn ti wọlé, tí bàbá kò fẹ́ rí ère mọ́, fọ́tò ṣe lára iṣẹ́ yẹn láìpariwo.

Ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin náà rí kò fún un láṣẹ láti sọ ọ́, ó sì mọ èyí. Ó lè jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló tàn án. Bí kò bá sì tàn án, Màámi Ìlá ló ni ọ̀rọ̀ náà. Bí obìnrin yìí ti jẹ́ olórìṣà, oríkì Ẹ̀jìrẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì máa ń wù ú láti kì í níbi tó bá ti rí ìbejì. Ó gbé e mì. Ó tún yẹra fún iye. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹni tó bá sì kọ "ọmọ méjì" sábẹ́ fọ́tò yẹn ti ka ohun tí kò mọ̀. Ó wá rí i pé ìbéèrè ọ̀dọ́mọkùnrin ti Tẹ́sáàsì wúwo ju bó ti rò lọ, nítorí pé ó béèrè orúkọ, ó béèrè iye, ó sì béèrè ibi tí wọ́n wà, gbogbo rẹ̀ nínú ìlà kan, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ohun tó kọ nìyí:

"Màámi, ẹ kú alẹ́, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbí. Mo rí àwọn ará ilé wa nínú férémù, inú mi sì dùn pé mo rí wọn. Ẹ bá mi kí wọn kú ìjókòó, kí ẹ kí àwọn tó dúró náà kú ìdúró. Aṣọ Bàbá yẹn ò kéré! Ẹ ṣé tí ẹ tọ́jú wọn dòní, ẹ ṣé tí ẹ rántí wa. Ire á kárí gbogbo wa, nílé lóko. Èmi ọmọ yín ni."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ránṣẹ́. "Àwọn ará ilé wa" kò sọ ẹni tó wà láyé tàbí ẹni tó ti lọ, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ará ilé. "Ẹ bá mi kí wọn" náà bẹ́ẹ̀. A lè bá ni kí ẹni tó wà nínú yàrá kejì, a sì lè bá ni kí ẹni tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yàrá náà. Kò ṣàdúrà pé kí ẹ̀mí wọn gùn, kó má baà jẹ́ pé òkú ló ń ṣe é fún. Kò ṣàdúrà pé kí ilẹ̀ rọ̀ wọ́n, kó má baà sin alààyè. Ire tó kárí kò nílò kí a mọ ẹni tó wà níbo. Aṣọ Bàbá nìkan ló dárúkọ, nítorí pé aṣọ wà lójú fọ́tò, ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú lè yìn ín. Ó fẹ́ kí Màámi mọ̀ pé ó wo fọ́tò náà lóòótọ́, pé kì í ṣe pé ó kàn fi ọwọ́ kọ nǹkan sílẹ̀ kó lè padà sídìí àwo rẹ̀. Ìkíni tó kárí lè tutù bí omi òjò tí a kò bá ṣọ́ra. "Fọ́tò yìí dára" kárí, ó sì yẹ fún fọ́tò ẹnikẹ́ni, àní fọ́tò ewúrẹ́. Bébà ló kí, kò kí èèyàn.

Màámi Ìlá kò dáhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó di pé obìnrin náà gbé omi síwájú Ọ̀ṣun, fóònù rẹ̀ dún. Ohùn ni Màámi gbà sílẹ̀, òun nìkan ló sì fi í ránṣẹ́ sí. Adìyẹ ń ké lẹ́yìn ohùn náà, ẹnì kan sì ń gbálẹ̀.

"Ọmọ mi, o kú àárọ̀. Ire á kárí, àṣẹ. Mo bá ọ kí wọn. Kò sí ẹni tó kú o, ẹ má dààmú ara yín. Kò sì sí ìnáwó, ẹ pa owó yín mọ́. Àwọn tó ń kun ilé bàbá mi ló já férémù lára ògiri, mo ní kí n yáa yà á kó tó fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo ní ẹ ó kàn rí i."

Ohùn náà dákẹ́ díẹ̀. Ìgbálẹ̀ náà kò dákẹ́.

"O ní kí n kí wọn kú ìjókòó. Ẹ̀rín pa mí, omi sì bọ́ lójú mi. O ò mọ̀ pé Kẹ́hìndé lorúkọ mi, àbí? Ta ni ìbá sọ fún yín? Láti ìgbà tí mo ti bímọ, orúkọ ọmọ mi lẹ ń fi pè mí. Táíwò ti lọ kí n tó mọ nǹkan kan. Ìyá mi fẹ́ gbẹ́ ère, bàbá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní rárá. Ni wọ́n bá mú mi lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Ó gbé àga mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ gbayawu. Mo bi ìyá mi pé ta ló ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀, kí n wo iwájú."

Obìnrin náà gbé omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Nígbà tí fọ́tò dé, ìyá mi gbé e dání títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó máa ń fi epo díẹ̀ kan gíláàsì rẹ̀ nígbà tí bàbá mi kò bá sí nílé. Ìwọ náà rí àbàwọ́n epo yẹn, àbí? Igun tí iná fóònù bò yẹn ni. Ọmọ Tẹ́sáàsì ń béèrè èwo ni Táíwò. Má bá a wí o, kò ṣẹ̀ mí, ọmọdé ló ń béèrè. Ó ní níbo ni wọ́n wà. Mo gbé fóònù dání, mi ò mọ èyí tí n ó kọ síbẹ̀. Ó ní èwo ni èwo. Èmi ni mo jókòó sórí àga méjèèjì. Sọ fún un kó pè mí. Mo wà nílé."